Géèmù Tó Kọ̀ Láti Ṣí: Àkọsílẹ̀ Lẹ́tà Tí A Fi Béèrè Owó Padà

Ọ̀rọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní kíkún níhìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á lórí ẹ̀rọ ayélujára ní ₦14,500, kò sì ṣí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá. Abẹ́òkúta ni àwa méjèèjì ń gbé: òun wà ní Òkè-Ìlẹ̀wó, èmi sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé ilé ìtajà tó ta géèmù náà kì í ṣe ilé ìtajà tí kì í dá owó padà. Lẹ́tà tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ sí wọn ni kò fún wọn ní ohunkóhun tí wọ́n lè dì mú, nígbà tí lẹ́tà kejì, tó béèrè ohun kan náà, mú kí wọ́n ṣe ohun tó yẹ.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó ní géèmù wọn kò ṣiṣẹ́, ó ní olè ni wọ́n, ó sì ní kí wọ́n dá owó òun padà kíá. Èsì tó rí gbà jẹ́ èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: kí ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó sì tún un tàn, kí ó yẹ fáìlì géèmù wò bóyá ó pé, kí ó gba díráfà tuntun fún káàdì àwòrán. Inú bí i gan-an, mo sì mọ ìdí tó fi bí i, nítorí ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáhùn lọ́hùn-ún kò lè mọ̀. Kò sí orúkọ géèmù nínú lẹ́tà náà, kò sí nọ́ńbà ìrajà, kò sì sí ohun tó fara hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ohun mìíràn tó lè fi ránṣẹ́ ju ìmọ̀ràn gbogbogbòò lọ.

Òfin ilé ìtajà náà tún mú kí ẹ̀rí ṣe pàtàkì. Òfin àwọn ilé ìtajà géèmù kò rí bákan náà. Lórí Steam, bí àpẹẹrẹ, ènìyàn lè béèrè owó rẹ̀ padà láìsí ìdí pàtó, bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tó rà á, tí wákàtí tó sì fi lo géèmù náà kò tíì pé 2. Ní ti PlayStation, bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba géèmù sórí ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ sí owó padà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi bí géèmù náà bá ní àbùkù. Ilé ìtajà tí ọ̀rọ̀ wa kàn jọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí: ọjọ́ 14 ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹni tó bá sì ti gba géèmù sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a sọ pé kò ṣí nìkan. A ní láti sọ ìdí tí kò fi ṣí, kí a sì fi hàn pé ìdí náà kò ti ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á wá.

Ọjọ́ 14 yìí ní ohun kan nínú tó máa ń pa àwa tí a wà níbí lára. Láti ọjọ́ tí a sanwó ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí géèmù parí wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà. Géèmù yìí tó gígábáìtì 42. Dátà òru ni ọmọ náà ń lò nítorí pé ó dín owó, iná a sì máa lọ láàárín òru, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kó tó ní àǹfààní láti tẹ bọ́tìnì `Play` fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yá ti ní ọjọ́ 14 gbáko láti fi dán géèmù wò; ìdajì rẹ̀ ló kù fún òun.

Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà wá sí ìsọ̀ mi, ohun tí mo rí nìyí. Bí a bá tẹ `Play`, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà fèrèsé géèmù á pa dé láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà mìíràn, fèrèsé kékeré kan á yọ láti sọ pé géèmù náà ti dáwọ́ dúró. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà, Windows fúnra rẹ̀ ṣì máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ lọ. A tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, a kọ `eventvwr.msc`, a ṣí `Windows Logs`, lẹ́yìn náà `Application`. Láàárín àwọn ìlà tó wà níbẹ̀, a wá èyí tí wọ́n kọ `Error` sí níwájú, tí àkókò rẹ̀ sì bá ìgbà tí géèmù náà kú mu. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ géèmù náà, ìlà tó sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ nìyí:

```
Exception code: 0xc000001d
```

Kóòdù yìí yàtọ̀ sí èyí tí mo sábà máa ń rí. Bí fáìlì kan tí géèmù nílò bá sọnù, `0xc0000135` ló sábà máa ń yọ. Bí géèmù bá fẹ́ ka ibi tí kò yẹ kó kà nínú ráàmù, `0xc0000005` ni. Ní ti `0xc000001d`, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé géèmù fún pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní àṣẹ kan tí pírósẹ́sọ̀ náà kò mọ̀ rárá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àrokò: kò sí bí ó ṣe fẹ́ kà á, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó.

Pírósẹ́sọ̀ inú kọ̀ǹpútà ọmọ náà ni Intel Core i5-3470. Tòkunbọ̀ ni, ó dára, ìwọ̀n ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 3.2 GHz, ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni wọ́n gbé e jáde. Ìran kẹta nínú ìdílé Core ni. Àkójọ àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní AVX2, èyí tí Intel kò fi sínú pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ títí di ìran kẹrin, ní ọdún 2013. Mo ṣí CPU-Z, ètò kékeré tó ń fi ohun tí pírósẹ́sọ̀ ní hàn, lórí ẹ̀rọ náà, mo sì wo ìlà tí wọ́n kọ `Instructions` sí: AVX wà níbẹ̀, AVX2 kò sí. Mo ní láti ṣe èyí nítorí pé kóòdù nìkan kò tó ẹ̀rí. Fáìlì tó bàjẹ́ pàápàá lè mú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ jáde. Ọmọ náà ti yẹ fáìlì wò, wọ́n sì pé. Nígbà tí kóòdù àti ìlà CPU-Z wá sọ ohun kan náà, ọ̀rọ̀ náà yé mi.

A wá padà sí ojú ewé tí ilé ìtajà náà ti ń ta géèmù ọ̀hún, a ka ohun tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán. Wọ́n kọ ọ́ pé Intel Core i5 tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 3.0 GHz, ráàmù gígábáìtì 8, àti káàdì àwòrán tó ní gígábáìtì 4. Wọn kò sọ ìran Core i5 tí wọ́n ń sọ, wọn kò sì dárúkọ AVX2 níbì kankan. Láti ọdún 2009 ni Intel ti ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní Core i5, nítorí náà orúkọ yẹn nìkan kò sọ ohun tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ní 3.2 GHz, ráàmù rẹ̀ jẹ́ 16, káàdì rẹ̀ sì ni GTX 1050 Ti tó ní gígábáìtì 4. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ló ní. Ibi tí ẹjọ́ wa dúró sí gan-an nìyí: ó ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ̀rọ rẹ̀ bá a mu, ó sanwó, géèmù kò sì lè ṣí láéláé lórí ẹ̀rọ náà. Kò sí díráfà tàbí àtúnṣe kankan tí èmi lè ṣe ní ìsọ̀ mi tó lè fi AVX2 sínú pírósẹ́sọ̀ tí wọn kò bí i mọ́. Bí wọ́n bá ti kọ AVX2 sí ojú ewé náà ni, ẹjọ́ wa ì bá má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní gbà kí ó kọ lẹ́tà náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ohun kan ṣì kù tí mo mọ̀ pé yóò kọ wọ́n lójú. Nínú àkáǹtì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó ti lo géèmù náà fún ìṣẹ́jú 38. Báwo ni ẹni tí géèmù rẹ̀ kò ṣí rí ṣe lo ìṣẹ́jú 38? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé aago náà kì í wo bóyá ènìyàn ń ṣeré. Ohun tó ń wò ni bóyá géèmù ṣì wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà. Bí fèrèsé àṣìṣe bá wà lójú tí a kò pa á dé, tàbí tí géèmù náà há sẹ́yìn nínú `Task Manager`, aago ń ka lọ. Ọmọ náà a máa fi fèrèsé yẹn sílẹ̀, a sì máa lọ wá ìrànlọ́wọ́ lórí fóònù rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti jẹ́ wákàtí 2, irú àṣà yìí lè gba ẹ̀tọ́ ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí àwòrán kan ṣoṣo nínú géèmù tó rà. Ó yẹ kí a pa fèrèsé àṣìṣe dé ní kété tí a bá ti ya àwòrán rẹ̀, kí a sì wo `Task Manager` bóyá ohunkóhun ṣẹ́kù.

Nígbà yẹn la tó jókòó kọ lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìtajà náà ń gbà, ṣùgbọ́n èdè wa ni a fi kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí mo sì tọ́jú nìyí. Mo ti yọ orúkọ géèmù àti nọ́ńbà ìrajà kúrò.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ń kọ̀wé yìí láti béèrè pé kí ẹ jọ̀wọ́ dá ₦14,500 padà fún mi, èyí tí mo fi ra géèmù tí nọ́ńbà ìrajà rẹ̀ wà lókè yìí ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹwàá 2023, nítorí pé kò lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà ní gbogbo ohun tí ẹ kọ sí ojú ewé géèmù náà.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnì láti bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà a dúdú, géèmù a sì pa dé kí ó tó fi ohunkóhun hàn. Windows kọ kóòdù `0xc000001d` sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ti yẹ fáìlì géèmù wò, wọ́n pé. Mo ti gba díráfà tuntun fún káàdì àwòrán. Mo sì ti dá agbógunti-fáírọ́ọ̀sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò sí èyí tó yí ohunkóhun padà.

Pírósẹ́sọ̀ mi ni Intel Core i5-3470, 3.2 GHz. Ojú ewé yín béèrè fún Intel Core i5, 3.0 GHz. Pírósẹ́sọ̀ yìí kò ní AVX2, ó sì dà bí ẹni pé géèmù náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, ṣùgbọ́n n kò rí i kà níbì kankan kí n tó sanwó. Ìṣẹ́jú 38 tí ẹ ó rí nínú àkáǹtì mi jẹ́ àkókò tí fèrèsé àṣìṣe fi wà lójú kọ̀ǹpútà. N kò tíì dé ojú ewé àkọ́kọ́ nínú géèmù náà rí.

Mo fi àwòrán kóòdù náà, àwòrán ìlà tó fi ohun tí pírósẹ́sọ̀ mi ní hàn, àti fáìlì DxDiag mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá lè dá owó náà padà sórí káàdì tí mo fi sanwó, inú mi yóò dùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà kan wà tí géèmù náà fi lè ṣiṣẹ́ láìsí AVX2, mo ṣe tán láti gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yìí wà ní ṣíṣí títí yóò fi yanjú, kí ọjọ́ 14 má baà kọjá.

Ẹ ṣeun fún àkókò yín."

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kí ó kọ ọ́ báyìí. Bí a ṣe tọ́ wa dàgbà, ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà kì í já lu ìbéèrè. A máa kí, a máa béèrè àlàáfíà ilé, ìbéèrè a sì wá lẹ́yìn. Ọmọ náà fẹ́ lo ọ̀nà yẹn nínú lẹ́tà kejì, nígbà tí mo ti bá a wí lórí ti àkọ́kọ́: ó kọ ìpínrọ̀ ẹ̀bẹ̀ gígùn kan sí iwájú, ó ní ọmọ ilé-ìwé ni òun, ó ní òun fi ara ṣiṣẹ́ kí òun tó rí owó náà. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí ó yọ ọ́. Ẹni tó ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ lóòjọ́, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì fi ń mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Ìkíni kan ṣoṣo tó, kí ohun tí a ń fẹ́, iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ wà nínú kí a má fi àkókò ẹni náà ṣòfò, ó sì wà nínú "ẹ jọ̀wọ́" tí a kò fi ẹ̀sùn olè mọ́. Ẹni tó ń dáhùn kọ́ ló ṣe géèmù náà, òun kọ́ sì ló kọ ojú ewé náà.

Gbólóhùn tó dárúkọ àwọn àtúnṣe tó ti ṣe wà níbẹ̀ kí wọ́n má baà tún fi ìmọ̀ràn ìṣáájú ránṣẹ́. Gbólóhùn tó sọ pé "ó dà bí ẹni pé" náà wà níbẹ̀ tìdítìdí. Èmi gbà pé AVX2 ni, ṣùgbọ́n n kò rí inú géèmù náà, kò sì yẹ kí oníbàárà sọ fún àwọn tó ni ọjà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohun tí a rí la sọ pẹ̀lú ìdánilójú, ohun tí a rò la sì sọ bí èrò.

Ní ti fáìlì DxDiag, a rí i nípa kíkọ `dxdiag` sí ibi tí a kọ `eventvwr.msc` sí, lẹ́yìn náà a tẹ `Save All Information`. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tó ni ín náà. Mo ṣí i, mo sì pa àwọn orúkọ náà rẹ́ kí a tó fi ránṣẹ́. A kò kọ nọ́ńbà káàdì sínú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ìrajà ti tó fún wọn láti rí owó náà nínú ìwé wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè PIN tàbí OTP kí ó tó dá owó padà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìtajà.

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan gbà á níyànjú pé kí ó lọ sí báńkì rẹ̀ láti fagi lé owó náà, kí ó má wulẹ̀ bá ilé ìtajà sọ̀rọ̀. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Báńkì lè gba ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtajà géèmù lè ti àkáǹtì ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn fa owó padà, gbogbo géèmù mìíràn tó ti rà síbẹ̀ á sì há mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ilé ìtajà bá kọ̀ láìsí ìdí tó tọ́ ló yẹ kí báńkì wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ènìyàn ló dáhùn lẹ́tà kejì. Ó dúpẹ́ fún àwòrán tí a fi ránṣẹ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ni bóyá ọmọ náà yóò gba kí wọ́n fi owó náà sínú àpò àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èyí tó máa yá kíákíá. Ìbéèrè yẹn tọ́, ṣùgbọ́n owó inú àpò ilé ìtajà kò lè ra ohun mìíràn ju ọjà wọn lọ, kò sì sí géèmù mìíràn tó wù ú níbẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé káàdì ni òun fẹ́, pé òun lè dúró. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní àwọn yóò fi ọ̀rọ̀ AVX2 tó àwọn tó ṣe géèmù náà létí.

Owó kì í wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn ti dá a padà. Ó ní láti gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó fún ilé ìtajà kọjá, kí ó tó dé báńkì, nítorí náà ọmọ náà dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó rí i. Mo ní kí ó tọ́jú ímeèlì tó fi hàn pé wọ́n ti gbà, nítorí òun ni yóò mú lọ sí báńkì bí owó náà bá há. Ó tún ṣe é láǹfààní pé káàdì náírà tó ń lò lójoojúmọ́ ló fi sanwó. Àwọn tó ń lo káàdì orí fóònù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìrajà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ títí owó yóò fi dé, nítorí ó máa ń ṣòro láti rí owó tí wọ́n bá dá padà sórí káàdì tí a ti pa rẹ́.

₦14,500 pé nígbà tó dé. Dátà tó fi gba gígábáìtì 42 kò sí lára rẹ̀, a kò sì béèrè rẹ̀, nítorí pé ilé ìtajà náà kọ́ ló tà á fún un. Ọmọ náà ti pa géèmù náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ báyìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó de ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹjọ, èyí tí mo ti bá a wò ní Pánṣẹ́kẹ́, tí AVX2 sì wà nínú rẹ̀.